Téèpù kámẹ́rà àtijọ́: sẹ́tìǹsì tí mo fi ń ṣe kọ́pì ìpamọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwa tá a ń ya fídíò sọ nílùú Adó-Èkìtì nìyí, ẹnì kan ló gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, mo wá jókòó tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn tí ò lè wá. Ibi tí mo ti ṣì sọ mo tún un ṣe, ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín mo fò ó.

Ẹ kú ìjókòó o, ará Èkìtì kete. Ìtìjú tèmi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn mo gba téèpù ọjọ́ tí ìyá mi àgbà pé 80 ọdún wọ kọ̀ǹpútà, téèpù Hi8 ni, fáìlì tó jáde tóbi gan-an, háádíìsì mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ni mo bá sọ ọ́ di MP4 kékeré kan, mo wò ó lórí fóònù, ó dáa lójú mi, mo pa fáìlì ńlá rẹ́. Ó ṣe díẹ̀, àwọn ẹbí ní kí n yọ ojú màmá jáde nínú fídíò yẹn ká fi ṣe pósítà ìrántí. Mo dá fídíò dúró báyìí, àṣé ojú màmá ti di búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù, gèlè tó yẹ kó ní ìlà wúrà lára ti di pẹlẹbẹ, àwọ̀ aṣọ wọn ti ṣàn lọ sára ògiri. Mo sáré padà sídìí téèpù, téèpù ti bu, kò yí mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀, níbi tí wọ́n ti ń jẹyán bíi tiwa níbí, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ fi èlùbọ́ gúnyán. Iṣu tó ti di èlùbọ́ ti di èlùbọ́ nìyẹn.

Nítorí náà nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ lónìí, kọ́pì méjì ni kẹ́ ẹ máa rí lọ́kàn yín. Ọ̀kan ni kọ́pì ìpamọ́, èyí tá ò ní yọ nǹkan kan kúrò lára ẹ̀ rárá, a kì í fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ìkejì ni kọ́pì wíwò, kékeré tí ẹbí máa fi ṣe WhatsApp, ìyẹn lè bàjẹ́, a máa tún òmíràn ṣe látinú ti ìpamọ́. Aṣìṣe tèmi ni pé mo fi kọ́pì wíwò ṣe ìpamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú téèpù kan pàtó ká fi sọ̀rọ̀. Ìyá kan gbé e wá láti Ìjerò, téèpù Video8 oníwákàtì kan, àbúrò ọkọ wọn ló fi kámẹ́rà kékeré ya bí àwọn èèyàn ṣe ń jó lójú títì lásìkò tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 1996. Kò kún téèpù náà tán, ìṣẹ́jú 54 ni. Mo gbà á wọlé láì fún un pọ̀ rárá, AVI ni, mo pè é ní teepu07, ó sì jẹ́ gígábáìtì 67 àti díẹ̀. Ìṣẹ́jú 54 o! Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, ìṣirò ẹ̀ kò le. Kámẹ́rà ilẹ̀ wa PAL ni, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní dọ́ọ̀tì 720 ní ìbú, ìlà 576 ní òró, dọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 2, àwòrán 25 sì ń kọjá láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, mẹ́gábáìtì bíi 20 àti díẹ̀ ni fún sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń di gígábáìtì 74 àti ààbọ̀ fún wákàtì kan. Ta ló fẹ́ ra háádíìsì fún ìyẹn?

Ibi tí FFV1, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀, ti wọlé nìyẹn. FFV1 kì í gé nǹkan, ńṣe ló ń ká a. Bí wọ́n ṣe ń ká agbádá sínú báàgì ni, ó kéré nínú báàgì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tú u, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ títí kan okùn tó ti já lọ́rùn ẹ̀. H.264 tá a fi ń ṣe MP4, àdàkọ aṣọ nìyẹn, télọ̀ wo agbádá yín ó wá fi aṣọ díẹ̀ rán nǹkan tó jọ ọ́. Ẹni tó bá dúró lókèèrè ò ní mọ̀. FFV1 tún ní nǹkan kan tí mo fẹ́ràn, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan, wọ́n ti kọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé nínú ìwé RFC 9043 lọ́dún 2021, tó túmọ̀ sí pé bí gbogbo sọfítíwíà òní bá kú, ẹni tó bá gbọ́n lè ka ìwé yẹn kó sì kọ òmíràn tó máa ṣí fáìlì wa. A máa fi í sínú MKV. Kọ̀máǹdì tí mo lò fún teepu07 nìyí, FFmpeg ni, sọfítíwíà ọ̀fẹ́ tá a fi ń yí fídíò padà:

```
ffmpeg -i teepu07.avi -map 0 -vf setfield=tff -aspect 4:3 \
 -pix_fmt yuv422p -c:v ffv1 -level 3 -g 1 -slices 16 -slicecrc 1 \
 -c:a copy teepu07.mkv
```

Ó jáde ní gígábáìtì 29. Ẹ má rò pé téèpù tiyín náà máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ o, ìdọ̀tí téèpù ló ń pinnu ẹ̀, yanrìn yanrìn tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fídíò tí wọ́n yà lálẹ́ yẹn ò ṣe é ká, torí kò sí èyí tó jọ ìkejì nínú ẹ̀, téèpù alẹ́ máa ń tóbi ju ti ọ̀sán lọ.

Ẹ jẹ́ ká tú kọ̀máǹdì yẹn wò díẹ̀. `-level 3` ni ẹ̀dà FFV1 tó ṣe é gbára lé. `-g 1` túmọ̀ sí pé fíréèmù kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó ṣáájú ẹ̀. `-slices 16` gé fíréèmù kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 16, `-slicecrc 1` sì fi nọ́ńbà àyẹ̀wò sára ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, tí háádíìsì bá ba báìtì kan jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹ̀kan nínú 16 ti fíréèmù kan ló máa bàjẹ́, kọ̀ǹpútà sì máa pariwo pé ibí ni, ibí ni. `-c:a copy` fi ohùn sílẹ̀ bó ṣe wà, ohùn ò tóbi, mi ò rí ìdí tá a fi máa fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tí káàdì tẹ́ ẹ fi ń gba fídíò wọ kọ̀ǹpútà lè ṣe bíìtì 10, `yuv422p10le` lẹ máa kọ síbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí káàdì ẹ̀ bá jẹ́ bíìtì 8, kó má kọ 10 torí pé 10 ju 8 lọ, ó kàn ń tọ́jú afẹ́fẹ́ ni.

Ó wá ku `setfield=tff`, ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká jókòó sí dáadáa torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Kámẹ́rà àtijọ́ kì í ya odindi àwòrán 25 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ìdajì ìdajì ló ń yà, nígbà 50. Ó máa kọ́kọ́ ya ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, títí dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa padà wá ya ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Ìdajì yẹn là ń pè ní fíìdì. Láàárín fíìdì kan sí èkejì, onílù ti gbé ọ̀pá kúrò lójú dùndún, ẹlẹ́sẹ̀ jíjó ti gbé ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ bá dá fídíò bẹ́ẹ̀ dúró lórí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ máa rí etí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bí eyín ìyarun. Ọ̀pọ̀ èèyàn rí eyín ìyarun yẹn wọ́n ní "ó ti bàjẹ́", wọ́n lọ wá bọ́tìnì deinterlace, wọ́n tẹ̀ ẹ́, sọfítíwíà fi 25 jáde fún wọn, eyín ìyarun lọ lóòótọ́, àmọ́ ìdajì ijó bá a lọ. Ìṣípòpadà 50 ti di 25. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó nínú téèpù Ìjerò yẹn ì bá máa fò bíi pé wọ́n ń já sílẹ̀, téèpù fúnra ẹ̀ ò sì jọ bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́.

Nínú kọ́pì ìpamọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ fi fíìdì sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ kàn kọ ọ́ sára fáìlì pé èwo ló ṣáájú, tòkè tàbí tìsàlẹ̀. `tff` ni tòkè, `bff` ni tìsàlẹ̀. Ẹ má fojú gbà á, ẹ bi fáìlì fúnra ẹ̀ léèrè:

```
ffmpeg -i teepu07.avi -vf idet -frames:v 1000 -an -f null -
```

Nísàlẹ̀ gan-an ó máa kọ `Multi frame detection`, ó máa ka TFF mélòó, BFF mélòó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí èèyàn ti ń rìn tàbí tí wọ́n ti ń jó o, ẹ kọ àsìkò ibẹ̀ ṣáájú `-i`, bíi `-ss 00:10:00`, tẹ́ ẹ bá fún un ní ibi tí alága ìjókòó ti ń ka ìwé láì mira, kò ní mọ nǹkan tó máa sọ. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ ní òdìkejì, ẹ máa mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ṣe kọ́pì wíwò, gbogbo ohun tó ń rìn á máa gbọ̀n síwá sẹ́yìn bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ẹ tún má gé etí fídíò. Ìlà tó ń jó wìrìwìrì nísàlẹ̀ pátápátá yẹn, gbogbo téèpù ló ní i, ibi tí orí fídíò ti ń pààrọ̀ ni, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ìpamọ́, ẹ bò ó nínú kọ́pì wíwò tó bá ń bí yín nínú.

Ọ̀rọ̀ aṣọ funfun náà wà ńbẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ́ díẹ̀ torí àwa ni wọ́n ń wọ léèsì funfun sábẹ́ oòrùn. Nínú bíìtì 8, òfin ní funfun parí sí 235, ṣùgbọ́n kámẹ́rà wọ̀nyẹn ò mọ òfin, wọ́n máa ń yà á kọjá 235 dáadáa. Ohun tó wà lókè 235 yẹn gan-an ni ihò àti òdòdó léèsì. Tẹ́ ẹ bá gbé fáìlì yín gba inú sọfítíwíà tá a fi ń ṣe ẹ́díìtì kẹ́ ẹ tó ṣe kọ́pì ìpamọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sọ ọ́ di RGB, ohun tó bá kọjá 235 wọ́n gé e dànù, léèsì di páálí funfun. FFmpeg pẹ̀lú kọ̀máǹdì òkè yẹn ò gba RGB kọjá, ohun tó bá wà ló ń kó. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i, ẹ tẹ èyí, ẹ wò ó bóyá òdòdó léèsì máa padà wá:

```
ffplay -vf lutyuv=y=val*0.85 teepu07.mkv
```

Ó dáa, ó kù ibi ẹ̀rí, èyí tí mi ò ṣe nígbà ti ìyá mi àgbà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe teepu07, iná lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ, ínfátà mi sì ti rẹ̀, ó kú pátápátá. Nígbà tí iná dé, mo rí i pé MKV wà nínú fóódà, mo ṣí i, ó ń lọ. Ká ní MP4 ni, kò ní ṣí rárá, torí MP4 máa ń fi àkọsílẹ̀ ẹ̀ sí ìparí fáìlì, tí ìparí ò bá dé, kò sí nǹkan. MKV ṣí, ó sì ń lọ wẹ́rẹ́, ìyẹn gan-an ló léwu, torí ẹni tí ò bá wò ó dópin máa rò pé ó pé. Èmi náà fẹ́ máa bá tèmi lọ. Ìgbà tí mo ka fíréèmù ni mo rí 61,212, bẹ́ẹ̀ sì rèé ìṣẹ́jú 54 yẹ kó jẹ́ 81,000.

Bá a ṣe ń ṣe ẹ̀rí nìyí, ẹ ní kí FFmpeg fún fíréèmù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀, fáìlì ńlá lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà MKV:

```
ffmpeg -i teepu07.avi -map 0:v -pix_fmt yuv422p -f framemd5 nla.txt
ffmpeg -i teepu07.mkv -map 0:v -pix_fmt yuv422p -f framemd5 kika.txt
```

Fíréèmù kan, ìlà kan. Ẹ fi `diff` wo méjèèjì, àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `#` lókè lè yàtọ̀ díẹ̀, kò burú, àkọlé lásán ni, ìyókù gbọ́dọ̀ bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè lálẹ́ ọjọ́ kan: mi ò kọ `-pix_fmt yuv422p` sí i, gbogbo ìlà 81,000 ló yàtọ̀, kò sí ẹyọ kan tó bára mu! Mo rò pé FFV1 ti purọ́ fún mi. Kò purọ́. Káàdì mi ń to dọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní `uyvy422`, ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ wọnú ara wọn, FFV1 sì ń tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun kan náà ni, ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó ló yàtọ̀, bí ẹni tó ka owó láti orí lọ sí ìdí tí ẹlòmíì sì kà á láti ìdí wá sórí. Tẹ́ ẹ bá sọ pé kí méjèèjì lo ìtò kan náà kí wọ́n tó kà, ó máa bára mu. Ohùn náà, ẹ lo `-map 0:a -f md5 -` fún méjèèjì, nọ́ńbà kan péré ló máa jáde fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan náà. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bára mu ni mo pa AVI rẹ́, kò ṣáájú ìyẹn ní ìṣẹ́jú kan.

Kọ́pì wíwò wá ni ibi tẹ́ ẹ ti lè gé, kẹ́ ẹ pa fíìdì pọ̀, kẹ́ ẹ ṣe bó ṣe wù yín. Tèmi rèé, ó ń fi 50 jáde kí ijó má bàa já:

```
ffmpeg -i teepu07.mkv -vf "bwdif=mode=send_field,scale=768:576,setsar=1" \
 -c:v libx264 -crf 18 -preset slow -pix_fmt yuv420p \
 -c:a aac -b:a 192k -movflags +faststart teepu07-wiwo.mp4
```

768 yẹn, torí dọ́ọ̀tì PAL ò rí bákan náà ní ìbú àti òró, tẹ́ ẹ bá fi 720 sílẹ̀ láì sọ nǹkan kan fún fóònù, gbogbo èèyàn máa tín-ín-rín díẹ̀. Mo mọ àwọn kan tí inú wọn máa dùn sí i.

Bọ̀dá kan ní ẹ̀yìn béèrè pé òun ní MiniDV ogójì, ṣé òun náà máa sọ wọ́n di FFV1. Rárá o, ẹ má dán an wò. MiniDV ti jẹ́ nọ́ńbà látinú kámẹ́rà, ó ti fún un pọ̀ fúnra ẹ̀ kó tó kọ ọ́ sórí téèpù, tẹ́ ẹ bá fi wáyà FireWire gbà á, ohun tó wà lórí téèpù gan-an lẹ gbà, gígábáìtì 13 fún wákàtì kan. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di FFV1 ó máa tóbi sí i, kò ní lẹ́wà sí i, ẹ sì máa pàdánù ọjọ́ àti àsìkò tí kámẹ́rà kọ sára fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Fáìlì yẹn fúnra ẹ̀ ni kọ́pì ìpamọ́. Ẹ ṣe `md5sum` fún un kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Tí `ffprobe` bá kọ `dvvideo`, ẹ mọ̀ pé òun ni. Kìkì pé nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe kọ́pì wíwò ẹ rántí pé DV máa ń fi fíìdì ìsàlẹ̀ ṣáájú.

Àǹtí kan ní ẹlòmíì sọ fún òun pé H.265 ló wà lóde báyìí, pé òun lè fi ṣe ìpamọ́ tóun bá ti gbé kúálítì ẹ̀ sókè. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe framemd5 fún un, kẹ́ ẹ wò ó. Bó ti wù kẹ́ ẹ gbé e sókè tó lọ́nà tí gbogbo èèyàn ń gbà lò ó, kò ní bára mu, torí ó ti yọ nǹkan. Wọ́n ní ojú ò lè rí i. Bóyá. Àmọ́ kọ́pì ìpamọ́ la tún máa fi ṣe òmíràn lọ́la, ìyọkúrò lórí ìyọkúrò ló sì sọ gèlè ìyá mi àgbà di pẹlẹbẹ.

Ẹnì kan sọ pé òun ra háádíìsì tuntun, fáìlì òun ń dúró ní gígábáìtì 4, òun rò pé FFmpeg ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. FAT32 ni wọ́n fi ṣe háádíìsì yẹn, kò lè gba fáìlì tó ju 4 lọ, ẹ sọ ọ́ di exFAT tàbí NTFS, àmọ́ ẹ kó ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò ná kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Ìyá Ìjerò gba háádíìsì kan, mo tọ́jú kọ́pì kan sọ́dọ̀, ọmọ wọn tó wà ní Ìkọ̀lé ní ìkẹta. Lọ́dọọdún mo ń ṣí tèmi, mo ń tẹ èyí:

```
ffmpeg -v error -i teepu07.mkv -f null -
```

Tí kò bá sọ nǹkan kan, ó pé nìyẹn. Tó bá sọ pé `slice CRC mismatch`, ọwọ́ fóònù ni, mo máa pe Ìkọ̀lé kí wọ́n fi tiwọn ránṣẹ́. Ẹnì kan ní kí la wá fẹ́ fi téèpù fúnra ẹ̀ ṣe, ṣé ká jù ú nù. Ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára fáìlì sára páálí ẹ̀, teepu07 sí teepu07, ẹ fi í síbi tí kò lóoru tí kò sì lọ́rinrin, ẹ gbé e dúró ní òró, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀.